Owó dátà oníṣẹ́ pápá: ẹ béèrè é ní gígábáìtì

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń bá iléeṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ pápá. Mo ń lọ láti oko dé oko, mo ń kọ èsì àwọn àgbẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù orí fóònù, mo ń ya àwòrán ọ̀gbìn wọn, mo sì ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó jìnnà sí mi. A tún máa ń ṣe ìpàdé orí fídíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Fóònù mi ni, dátà mi ni. Mo ti sọ ọ́ fún alábòójútó mi lẹ́ẹ̀kan, ó ní àwọn máa wò ó. Báwo ni kí n ṣe kọ lẹ́tà tí wọn á fi máa fún mi lówó dátà lóṣooṣù, kí wọ́n sì san èyí tí mo ti ná padà? Rìsíìtì oṣù márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi.”

Ohun méjì lẹ ń béèrè, ẹnu ọ̀nà kan náà kọ́ ni wọ́n sì ń gbà wọlé. Owó dátà oṣù tó ń bọ̀ jẹ́ àjẹmọ́nú: bí ọ̀gá bá ti gbà pé iṣẹ́ nílò rẹ̀, tí àyè sì wà fún un nínú ètò ìnáwó, ó lè fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Owó oṣù mẹ́jọ tó ti kọjá yàtọ̀. Ọ̀dọ̀ oníṣirò owó ni yóò dé sí, oníṣirò owó kì í sì í béèrè bóyá ẹ jìyà, ẹ̀rí ló ń béèrè. Tí ẹ bá pò wọ́n pọ̀ sínú gbólóhùn kan, èyí tó le á di èyí tó rọrùn mú, méjèèjì á sì jókòó sínú fáìlì. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wà nídìí tábìlì tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń gbà kọjá. Àwọn tí a kò dá lóhùn nínú wọn, kì í ṣe pé ọ̀gá ahun ni lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí iye kan nínú lẹ́tà tí èèyàn lè fọwọ́ sí ni. “Dátà ti wọ́n jù” kì í ṣe iye.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ tún ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín kà. Ohun tí ẹ ń wá ni gbólóhùn tó bá sọ pé owó iṣẹ́ yín ti kó gbogbo ìnáwó yín pọ̀. Ìwé àwọn agbaṣẹ́ṣe, tí wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ olóṣù, ni ẹ ti sábà máa ń rí i. Bí ó bá wà nínú tiyín, ẹ fi owó ẹ̀yìn sílẹ̀, kí ẹ gbájú mọ́ èyí tó ń bọ̀, tàbí kí ẹ dúró de ìgbà tí ẹ máa tún àdéhùn ṣe. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Iye tí ẹ máa kọ sínú lẹ́tà wà nínú fóònù yín. Lórí Android, ẹ wọ `Settings`, lẹ́yìn náà `Network & internet`, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ `App data usage` sí. Orúkọ náà lè yí díẹ̀ láti fóònù dé fóònù. Á to àwọn áàpù kalẹ̀ láti orí èyí tó jẹ dátà jù, oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Oṣù díẹ̀ péré ló máa ń tọ́jú, nítorí náà ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà lónìí kí àwọn oṣù àtẹ̀yìnwá tó pa rẹ́.

Lórí iPhone, abẹ́ `Cellular` tàbí `Mobile Data` ló wà nínú `Settings`, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. `Current Period` tí ẹ máa rí kì í ṣe oṣù yìí. Láti ọjọ́ tí a ti tẹ `Reset Statistics` kẹ́yìn ló ti ń kà bọ̀, ó sì lè ti pé ọdún mẹ́ta. Mo rí ẹnì kan tó ya àwòrán ibẹ̀ mọ́ lẹ́tà rẹ̀ pé òun lo 400 GB lóṣù kan. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, lẹ́tà sì kú síbẹ̀. Bí iPhone lẹ bá ń lò, ẹ tẹ `Reset Statistics` ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù, kí ẹ dúró kí oṣù pé, kí ẹ tó kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká wá mú oṣù kan tó jọ tiyín, ká ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ 22, fọ́ọ̀mù 12 lójúmọ́, àwòrán mẹ́ta nínú fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan. Àwòrán 792 nìyẹn lóṣù. Àwòrán tí fóònù òde òní ń yà máa ń wọ̀n tó mẹgabáìtì mẹ́rin, nítorí náà àwòrán nìkan jẹ 3.2 GB. Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ sọ, tí ẹ tẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kò tó nǹkan rárá. Ti gbogbo oṣù lè má ju mẹgabáìtì márùn-ún lọ. Ó máa ń ya àwọn ọ̀gá lẹ́nu. Wọ́n rò pé fọ́ọ̀mù ló ń jẹ dátà.

Nígbà tí ẹ bá wá wo fóònù, áàpù fọ́ọ̀mù náà á fi 3.5 GB hàn dípò 3.2. Kì í ṣe àṣìṣe. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí àwòrán ń lọ lọ́wọ́, apá tó ti lọ ti jẹ dátà, ẹ̀rọ ọ́fíìsì kò sì rí i gbà, fóònù á tún un fi ránṣẹ́. Iye fọ́ọ̀mù tó dé ọ́fíìsì kò lè sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Fóònù yín nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí ìlà kan, torí pé ẹni tó bá fi àwòrán tó dé ọ́dọ̀ rẹ̀ ṣe ìṣirò lè rò pé ẹ ti fi díẹ̀ kún un.

Ìpàdé orí fídíò ni ọ̀tá kejì. Wákàtí kan pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ojú lórí rẹ̀ lè súnmọ́ gígábáìtì kan. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóṣù, 4 GB. Bí ẹ bá ń fi fóònù pín íńtánẹ́ẹ̀tì fún kọ̀ǹpútà láti ṣe ìpàdé yìí, gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá jẹ á wà lórí ìlà kan ṣoṣo, àti ìpàdé àti ohun tí Windows ń gbà wọlé lẹ́yìn yín. Ẹ tan `Metered connection` lórí kọ̀ǹpútà náà fún oṣù tí ẹ bá fẹ́ kà, kí ìlà náà má bàa wú.

Máàpù àti ímeèlì iṣẹ́, 0.9 GB. WhatsApp ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹbí àti ọ̀rẹ́ náà wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè ya wọ́n sọ́tọ̀. Ìlà kan tí ẹ kò lè gbèjà lè mú kí wọ́n fura sí gbogbo ìyókù.

Àpapọ̀ ti iṣẹ́ jẹ́ 8.4 GB. Ká ní fóònù lo 14 GB lápapọ̀ lóṣù náà, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ni ti iṣẹ́. Nọ́ńbà méjì yìí ni egungun lẹ́tà yín: 8.4 ló gbé àjẹmọ́nú ró, ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ló gbé owó ẹ̀yìn ró.

Kí ẹ tó fi 8.4 ránṣẹ́, ohun kan wà tí ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀rọ ní ọ́fíìsì máa bi yín, ó sì sàn kí ẹ̀yin sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Àwòrán mẹgabáìtì mẹ́rin yẹn, ṣé dandan ni kó tóbi tó bẹ́ẹ̀? Nínú áàpù fọ́ọ̀mù bíi ODK Collect àti KoboCollect, `Image size` wà nínú ètò rẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń fi í sílẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe yà á. Bí a bá dín in kù sí 1024px, àwòrán kan lè má ju ìdá kan nínú mẹ́rin mẹgabáìtì kan lọ. Àwòrán 792 náà á já wálẹ̀ láti 3.2 GB sí bíi 0.2 GB. Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù tún lè ṣe é láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, nínú òpó `parameters` ti ìwé Excel tó fi ṣe fọ́ọ̀mù náà, lórí ìlà àwòrán náà:

```
max-pixels=1024
```

Ẹ má ṣe dá a yí padà fúnra yín o. Bí ó bá jẹ́ pé àmì àrùn ara ewé ni wọ́n ń wá nínú àwòrán yẹn, àwòrán kékeré lè sọ iṣẹ́ oṣù kan di òfo, ẹ̀yin lẹ sì máa jẹ̀bi. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà bí ohun tí wọ́n lè yàn: 9 GB, ìyẹn 8.4 tí a sún sókè díẹ̀, bí àwòrán bá dúró bó ṣe wà, 6 GB bí wọ́n bá dín in kù. Mo fẹ́ràn gbólóhùn yìí ju gbogbo ìyókù lọ nínú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tí ì bá sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yàn láàárín méjì, méjèèjì sì tẹ́ yín lọ́rùn.

Ẹ rí i pé gígábáìtì ni mo ń pè, n kò pe owó. Owó dátà ń yí padà, iye tí iṣẹ́ ń jẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Bí ẹ bá gba iye owó kan lónìí, tí dátà wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, ẹ máa tún lẹ́tà kọ. Bí 9 GB bá jẹ́ àdéhùn, ẹni tó ń ra á ló máa bá ọjà yí. Èyí náà ló jẹ́ kí n fẹ́ kí ọ́fíìsì máa ra á tààrà sórí síìmù tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́, bí fóònù yín bá gba síìmù méjì. Owó tí wọ́n bá fi kún owó oṣù yín, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, owó orí lè bù nínú rẹ̀ bí ẹni pé owó iṣẹ́ ni. Dátà orí síìmù iṣẹ́ kì í sábà ní wàhálà yẹn, ẹ kò sì ní máa yọ WhatsApp kúrò mọ́ nítorí pé síìmù kọ̀ọ̀kan ní ìṣirò tirẹ̀.

Ó wá ku owó ẹ̀yìn. Rìsíìtì fi ohun tí ẹ rà hàn, kò fi ohun tí ẹ lò fún iṣẹ́ hàn. Ìdí nìyẹn tí a fi nílò ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún yẹn: ẹ ro owó orí rìsíìtì oṣù márùn-ún pọ̀, kí ẹ béèrè ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún rẹ̀. Bí àwòrán fóònù yín bá dé oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ ṣe ti oṣù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Èyí tí kò bá dé, ẹ sọ ọ́ gbangba pé ìdá oṣù tó kọjá lẹ lò fún un nítorí pé iṣẹ́ náà kò yí padà.

Oníṣirò owó tó mọ iṣẹ́ lè gbà yín mú ní ibì kan. Ká ní 20 GB lẹ rà, ẹ lo 14, mẹ́fà tó kù kọjá ọjọ́ rẹ̀ ó sì ṣègbé. Ṣé inú 14 la ó ti ka 8.4 ni, àbí inú 20? Èyí àkọ́kọ́ fún yín ní ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún, èkejì ìdá 42. Lójú tèmi, bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ló mú yín ra èyí tó tóbi, kí wọ́n bá yín pín àdánù rẹ̀. Bí fíìmù lẹ rà á fún, ẹ lo 20, kí ẹ má janpata.

Wọ́n tún lè sọ pé ẹ máa ra dátà bákan náà, yálà iṣẹ́ wà tàbí kò sí. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan ní Kalifọ́níà ti dá irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́jọ́ ní 2014 lórí ìpè fóònù: bí òṣìṣẹ́ bá gbọ́dọ̀ fi fóònù ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, agbanisíṣẹ́ ní láti san ìdá kan tó bójú mu nínú owó rẹ̀, kódà bí òṣìṣẹ́ náà kò bá ná kọ́bọ̀ lé ohun tó ń san tẹ́lẹ̀. Òfin ibẹ̀ nìyẹn, kò de ọ́fíìsì yín bí wọn kò bá sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n inú rẹ̀ ni ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún wa dá lé.

Fún oṣù mẹ́ta tí kò ní rìsíìtì, ẹ kọ́kọ́ wá a dáadáa. Iléeṣẹ́ tó ń ta dátà sábà máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ nígbà tí ẹ bá rà á, báńkì yín ní àkọsílẹ̀ owó tó jáde, áàpù iléeṣẹ́ síìmù náà sì lè ní ìtàn ohun tí ẹ ti rà. Èyíkéyìí tó bá ní ọjọ́ àti iye lórí ti tó. Bí gbogbo rẹ̀ bá já sí òfo, ẹ fi ìpíndọ́gba oṣù márùn-ún yẹn díwọ̀n rẹ̀, kí ẹ sì to ó sí ìlà ọ̀tọ̀ tí wọ́n lè fi gègé fà láì fọwọ́ kan ìyókù.

Lẹ́tà náà nìyí, bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin:

Sí: Olùdarí Iṣẹ́ Pápá
Ẹ̀dà: Oníṣirò Owó, Alábòójútó mi
Ọ̀rọ̀: Dátà 9 GB lóṣooṣù fún iṣẹ́ pápá, àti owó dátà tí mo ti ná

Ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ti ń gba èsì lóko fún iléeṣẹ́ wa lórí fóònù àti síìmù ara mi. Ohun méjì ni mo fẹ́ béèrè. Ẹ lè dáhùn ọ̀kan láì dúró de èkejì.

Èkínní, mo ń béèrè dátà 9 GB lóṣooṣù láti oṣù tó ń bọ̀. Lóṣù tó kọjá iṣẹ́ jẹ 8.4 GB: fọ́ọ̀mù àti àwòrán 3.5 GB, pẹ̀lú èyí tó tún ara rẹ̀ fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Ìpàdé mẹ́rin 4 GB. Máàpù àti ímeèlì 0.9 GB. Àwòrán ojú fóònù tó fi í hàn wà nínú àfikún. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i pé kí a dín àwòrán kù sí 1024px, 6 GB á tó. Yóò wù mí kí ọ́fíìsì máa ra á tààrà sórí síìmù tí mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́.

Èkejì, mo ń béèrè ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún owó dátà tí mo rà ní oṣù márùn-ún tí rìsíìtì wọn wà nínú àfikún, nítorí pé 8.4 GB nínú 14 GB tí mo lò ló jẹ́ ti iṣẹ́. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ kò ní rìsíìtì. Mo fi ìpíndọ́gba díwọ̀n wọn lórí ìlà ọ̀tọ̀. Bí ẹ kò bá lè san án, kí ó má ṣe dá ìyókù dúró.

Láti ọjọ́ 18 sí ọjọ́ 20 oṣù tó kọjá, dátà mi tán. Fọ́ọ̀mù 36 wà lórí fóònù mi nìkan títí mo fi rí òmíràn rà. Bí fóònù náà bá sọnù ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn, a ó tún oko wọ̀nyẹn lọ ni.

Mo ń retí èsì yín kí ọjọ́ 25 oṣù yìí tó kọjá, kí n lè mọ iye dátà tí màá rà.

Tiyín ní tòótọ́.

Ìyẹn náà ni. Ó wọ ojú ewé kan, àfikún sì gba ojú ewé kejì. Ìpínrọ̀ ọjọ́ 18 yẹn, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin gan-an rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá ṣẹlẹ̀, ẹ yọ ọ́. Ẹ má sọ pé ẹ ò ní fi èsì ránṣẹ́ mọ́. Ẹ kan sọ ibi tí èsì wà nígbà tí dátà kò sí, wọ́n á ro ìyókù fúnra wọn.

Orúkọ ẹni tí ẹ kọ lẹ́tà sí ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Alábòójútó tó ní “àwọn máa wò ó” lè jẹ́ ẹni tí kò láṣẹ láti fọwọ́ sí owó kankan. Ẹ bi oníṣirò owó léèrè ta ló ń fọwọ́ sí ìnáwó pápá, kí ẹ sì bi í léèrè méjì sí i: ṣé ìlà ìbánisọ̀rọ̀ wà nínú ètò ìnáwó iṣẹ́ yìí, àti ìgbà wo ni wọ́n ń pa ìwé owó ọdún dé? Bí owó agbátẹrù bá ń gbé iṣẹ́ yín, ìnáwó tó ṣáájú ọjọ́ tí owó náà bẹ̀rẹ̀ tàbí tó bọ́ sí ọdún tí wọ́n ti pa ìwé rẹ̀ dé lè má ṣeé san mọ́, bó ti wù kí ọ̀gá fẹ́ràn yín tó. Fún ìdí yìí, bí ọdún bá ti ń parí lọ, ẹ má dúró de oṣù kan sí i láti fi ka dátà. Ẹ fi owó ẹ̀yìn ránṣẹ́ ná.

Bí ọjọ́ 25 bá kọjá láìsí èsì, ẹ má kọ lẹ́tà tuntun tó le ju ti àkọ́kọ́. Ẹ fi àwòrán fóònù oṣù tuntun ṣọwọ́ lábẹ́ ímeèlì kan náà, kí ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ẹni tó máa fọwọ́ sí i ni kò tíì rí i, ṣé owó ni kò sí lórí ìlà, àbí wọn kò fara mọ́ iye náà? Bí ó bá jẹ́ ti owó orí ìlà, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa kọ ètò ìnáwó tó kàn, kí ẹ sì fún alábòójútó yín ní 9 GB náà ní ìlọ́po iye òṣìṣẹ́ pápá tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ó tó di ọjọ́ yẹn.